Béèrè Ibi Tí Ìwé Náà Wà, Má Tíì Béèrè Ìdáhùn

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, àwa mẹ́rin kan ní ọdún àṣekágbá fi ìwé àbá olójú-ewé 11 ránṣẹ́ sí àgbà kan tó jáde ní ẹ̀ka wa yìí, tó sì ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé ká lọ bá àwọn àgbà ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ká gba orúkọ àwọn ohun èlò òfì àti orúkọ oríṣiríṣi aṣọ lẹ́nu wọn, ká sì kó o jọ sínú ìwé kékeré kan. Gbogbo wa mọ sányán, àlàárì àti ẹtù, ṣùgbọ́n orúkọ aṣọ kò tán síbẹ̀, àwọn tó sì mọ ìyókù ti ń dàgbà. Owó tí a béèrè jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà 240 náírà.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nítorí náà mo mú fóònù. Ní àárọ̀ ọjọ́ 8, tí í ṣe Àbámẹ́ta, mo kọ sí Wásáàpù wọn pé: “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ò tíì fèsì sí ìwé wa.” Ní ọjọ́ 10, mo fi àmì ìbéèrè kan ṣoṣo ránṣẹ́, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ní ọjọ́ 12, mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò gbé e, mo bá tún fi ìwé náà ránṣẹ́ látòkè délẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni èsì dé: “Mo ti rí i.” Kò sí “ẹ ṣé”, kò sí “ẹ ní sùúrù”. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún dákẹ́ lọ gbári.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ti wà níbi tí mo wà lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà méjì péré ló dà bí ẹni pé ó ṣí sílẹ̀. Ọ̀kan ni ká máa pè títí wọn ó fi gbé e, torí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èkejì ni ká gbà pé wọ́n ti kọ̀, ká gbé ẹnu wa kúrò níbẹ̀, torí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn àgbà ló sọ méjèèjì, àwọn méjèèjì sì jẹ́ òótọ́. Èrò mi ni pé ọ̀nà kẹta wà láàárín wọn, ohun tó sì jẹ́ kí a máa ṣì í ni pé a máa ń béèrè ìdáhùn kí a tó béèrè ibi tí ìwé náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìtàn kan tó tóbi ju tiwa lọ ṣàlàyé rẹ̀. Kò sí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka wa tí kò gbọ́ nípa ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ọ̀yọ́ ló ti parí rẹ̀ ní ọdún 1897, Ọ̀yọ́ kan náà tí ọ̀nà Ìsẹ́yìn já sí. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ní lónìí kọ́ ni ìwé tó kọ́kọ́ parí. Ní ọdún 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ńlá kan. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àbúrò Samuel, Dókítà Obadiah Johnson, ló sọ ìtàn yìí fúnra rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kọ síwájú ìwé náà.

Ní ọdún 1900, Obadiah rí ìdí tó fi ní láti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yà lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ìwé náà ti ṣì ibi gbé sí, wọn ò rí i, wọ́n sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ya òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n sì fura pé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1901, Samuel kú. Obadiah wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́kọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó tún gbogbo ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìdákẹ́ yẹn jẹ́. Kì í ṣe pé òǹtẹ̀wé náà ka ìwé náà tán tó ní kò dára. Ìwé náà kò sí níbi tó yẹ kó wà ni. Bí àwọn Johnson bá ti ka ìdákẹ́ yẹn sí ìkọ̀sílẹ̀, bóyá wọn ìbá ti ní ìtàn náà kò wu àwọn òyìnbó, kí wọ́n sì pa á tì. Ìbéèrè kan ṣoṣo, lójúkojú, ló tú u fó pé ìwé ti sọnù. Èsì náà burú, ṣùgbọ́n èsì ni, ó sì jẹ́ kí Obadiah mọ iṣẹ́ tó kàn.

Ìdákẹ́ kejì tún wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, ìwé tí Obadiah tún kọ wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Appam láti Èkó. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Möwe gba Appam lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Ẹ rò ó wò ná: ká ní Obadiah ti ń kọ lẹ́tà ìbínú sí àwọn òǹtẹ̀wé wọ̀nyẹn ní oṣooṣù pé wọn ò ka òun sí, àwọn tó ń bínú sí kò tíì fojú kan ìwé ọ̀hún rárá. Nígbà tó sì dé, bébà ti wọ́n gógó, wọ́n ní kó dúró dìgbà tí ogun bá parí. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde.

Nínú ìtàn yìí ni mo ti rí i pé ìdákẹ́ tó ń tẹ̀lé ìwé àbá pín sí oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni ti ìwé tí kò dé, tàbí tó dé tó sì sọnù. Èkejì ni ti ìwé tó dé, tí ẹni tó gbà á sì fẹ́ ṣe nǹkan sí i, ṣùgbọ́n tí nǹkan kan kù, tí kò sì sọ fún ọ. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ti kọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, tí ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Ẹni tó wà níta kò lè fojú mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí ìdákẹ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ. Ohun tó lè ṣe ni kó béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì tẹ̀ lé ètò yẹn gan-an: Ṣé ó dé? Kí ló kù? Ṣé ká fi í sílẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń pààrà fóònù lóṣù kẹta, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí mo béèrè. “Ẹ ò tíì fèsì” kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ̀sùn ni.

Ìyá àgbà mi ní Ṣakí ló kọ́ mi ní ìbéèrè kejì. Mo lọ sílé fún Ìtùnú Ààwẹ̀, mo sì ń ráhùn nípa ọ̀gá wa. Ìyá yìí ti ṣe alárinà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbéyàwó ní àdúgbò wa nígbà tí ara wọn ṣì le. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí àwọn bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ọmọbìnrin, tí àwọn ẹbí sì dákẹ́, àwọn kì í padà lọ béèrè pé, “Ẹ gbà tàbí ẹ kọ̀?” Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, “ẹ kọ̀” ló ń tọrọ, nítorí pé kò sí ẹbí tó fẹ́ kí aráyé rí àwọn bí ẹni tó kánjú. Wọ́n ní ohun tí àwọn máa ń béèrè ni pé, “Ta ló kù tí a ò tíì kí?” Lọ́pọ̀ ìgbà, èsì máa ń wà fún ìyẹn. Ó lè jẹ́ àbúrò bàbá kan tó wà lóko tí wọn ò tíì rán níṣẹ́ sí, ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà kan tó ń bínú pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Bí alárinà bá ti mọ ẹni náà, ó ní ibi tó kàn láti lọ. Wọ́n ní òun ló ń mú ìṣíhùn yá.

Mo padà sílé ìwé pẹ̀lú ìbéèrè yẹn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, tí í ṣe Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn “Mo ti rí i”, mo kọ èyí sí ọ̀gá wa ní bíi aago mẹ́wàá àárọ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀wé sí yín lórí orúkọ aṣọ òfì Ìsẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá fún bí a ṣe ń pè yín léraléra lóṣù tó kọjá. Láti ìgbà náà, àgbà ahunṣọ méjì ti gbà pé àwọn máa bá wa sọ̀rọ̀. Ojú ewé kan tó ṣe àkópọ̀ àbá náà wà nísàlẹ̀ yìí, kó má bàa di pé ẹ ń wá a kiri. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tó kù nínú rẹ̀, tí a lè tún ṣe kó lè rọrùn fún yín láti wò? Bí àsìkò yìí kò bá sì rọrùn, kò burú rárá, sà.”

Èsì dé ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn ti gbé ìwé náà fún oníṣirò owó àwọn láti ọjọ́ kìíní tí àwọn ti rí i. Oníṣirò ní òun ò rí iye ojú ewé ìwé tí a fẹ́ tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ò rí iye ẹ̀dà, torí náà òun ò lè sọ iye tí yóò jẹ iléeṣẹ́. Ó gbé e sápá kan, ó ń retí pé ọ̀gá yóò béèrè lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá náà sì rò pé oníṣirò ti béèrè. Nígbà tí mò ń fi àmì ìbéèrè ránṣẹ́, orí tábìlì ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni ìwé wa wà, ó ń dúró de nọ́ńbà méjì.

A fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà: ojú ewé 64, ẹ̀dà 200. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá ní àwọn ò ní lè fún wa lówó, ṣùgbọ́n bí a bá kó ìwé náà wá ní títẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí oṣù kẹsàn-án tó parí, àwọn yóò bá wa tẹ ẹ̀dà 200 lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a béèrè. Owó ọkọ̀ àti ibi tí a ó sùn ní Ìsẹ́yìn ṣì wà lọ́rùn wa. Ṣùgbọ́n ó ju “Mo ti rí i” lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tú ìwé kúkúrú yẹn wò, nítorí pé kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí mi ò ronú lé lórí. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tó wà nílẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń gba ogójì iṣẹ́ lórí Wásáàpù lójúmọ́ kò ní í rántí nọ́ńbà mi. Mo sọ ohun tuntun kan tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni ìdí tí mo fi ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí ohun tuntun, ìránnilétí lásán ni, ìránnilétí lásán kejì ló sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í di ìyọlẹ́nu. Mo fi àkópọ̀ olójú-ewé kan sí i, torí pé bí àgbà bá ní láti yí ìwé sókè títí dé oṣù kẹta kó tó rí ohun tí mò ń sọ, yóò sọ pé òun máa wò ó tó bá di alẹ́, alẹ́ yẹn kò sì ní lé. Paríparí rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún “rárá”.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sì sá fún. Mi ò kọ “ẹ ò tíì”, mi ò kọ “títí di ìsinsìnyí”, mi ò sì kọ “bóyá ẹ ti gbàgbé”. Gbogbo wọn ló fi àgbà ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀, bí a tilẹ̀ fi “sà” mẹ́ta há a láàárín. Bí nǹkan kan bá ní láti jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí ìwé náà jẹ̀bi: “bóyá ìwé náà kò dé ibi tó yẹ”, “bóyá àlàyé wa kò kún tó”. Mi ò sì fi “Ẹ káàárọ̀ sà” nìkan ránṣẹ́ kí n máa retí pé kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn. Àwa ọ̀dọ́ rò pé ọ̀wọ̀ ni. Lójú ẹni tó gbà á, ìdẹkùn ni: ó mọ̀ pé bí òun bá ti ní “káàárọ̀”, ẹrù ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí kíkí àti iṣẹ́ tí a fẹ́ jẹ́ jọ wà nínú ìwé kan náà.

Ẹ̀kọ́ yẹn la mú lọ sí ibi kejì. Ẹgbẹ́ kan wà tó máa ń ran iṣẹ́ àṣà lọ́wọ́, a sì fẹ́ kí wọ́n bá wa gbé owó ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ni mo fi gbé ìwé náà lọ, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ akọ̀wé wọn, mo béèrè pé, “Mà, ọjọ́ wo ni kí n pè tí kò ní í di yín lọ́wọ́?” Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè yìí kéré, ṣùgbọ́n òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́. Ìpè tí wọ́n fúnra wọn dá ọjọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìyọlẹ́nu. Àdéhùn ni, ẹni tí kò bá sì pè lọ́jọ́ náà gan-an ló ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ 17, mo pè, mo sì béèrè ìbéèrè kìíní nìkan: ṣé ìwé náà dé ọwọ́ àwọn tó yẹ kó rí i? Wọ́n ní ó ti dé, wọ́n ní “A máa rí sí i.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ méjì. Nígbà mìíràn, ó túmọ̀ sí pé wọ́n máa rí sí i. Nígbà mìíràn, “rárá” tó wọṣọ ni. Mi ò gbìyànjú láti tú u. Ní ọjọ́ 4 oṣù kárùn-ún, mo béèrè ìbéèrè kejì, mo sì fi kún un pé iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbà láti tẹ ìwé náà. Wọn ò dáhùn. Mo fi ọjọ́ 16 sílẹ̀. Ní ọjọ́ 20, mo kọ ìwé ìkẹyìn:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A ti ṣètò láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó wà lọ́wọ́ wa, nítorí náà a ò ní í tún fi ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ dà yín láàmú. Bí ìwé náà bá jáde, a ó mú ẹ̀dà kan wá fún yín. Ẹ ṣé gan-an tí ẹ gbà wá láyè.”

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n fèsì pé owó ọdún yìí ti tán kí ìwé wa tó dé, pé ojú ń ti àwọn láti sọ ọ́, pé ká tún gbìyànjú nígbà tí ọdún tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi dúró de “rárá” yẹn. Mo gbà pé ó wúlò. Ẹni tó ti gbọ́ “rárá” lè lọ wá owó níbòmíràn, bí a ṣe lọ ṣe é. Ìwé ìkẹyìn náà ṣiṣẹ́ nítorí pé òótọ́ ni. A ti dá ọjọ́ tí a ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, a ò sì ní í pè mọ́ lóòótọ́. Ẹni tó bá fi irú ìwé yẹn dẹ́rù ba ènìyàn, tó wá tún pè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́.

Nípa àsìkò, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni àlàfo tó bá wa lára mu láàárín ìbéèrè kan sí èkejì. Kì í ṣe òfin. Ohun tó ṣe pàtàkì ju iye ọjọ́ lọ ni ohun tó wà nínú ọjọ́ ẹni tí a ń dúró dè. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn kọ́ wa ní èyí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kò gbé ìpè wa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú oṣù kárùn-ún. Nígbà tí a débẹ̀, a rí i pé aṣọ àwọn oníbàárà tó fẹ́ wọ̀ ọ́ nígbà Iléyá ló kún òfì. Kò sí ẹni tó máa fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀ nírú àsìkò yẹn kó wá máa ka orúkọ aṣọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyí tí a fi fi iṣẹ́ náà sí ẹ̀yìn Iléyá. Bákan náà ni pẹ̀lú àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, pẹ̀lú oníṣòwò ní ọjọ́ ọjà, àti pẹ̀lú Mùsùlùmí ní ọ̀sán Jímọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà ìlú náà kí ẹ tó dá ọjọ́ ìpè, kí ẹ sì ka ọrọọrún sí iwájú.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú wa mẹ́rin kò gba gbogbo èyí gbọ́. Ó ní òun mọ àwọn tó pe ènìyàn lójoojúmọ́ títí owó fi jáde. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Àwọn kan máa ń sanwó kí wọ́n lè sinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá wa ní Ìbàdàn wá bá wa sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, wọ́n sọ ìdí tí ojú wọn fi le sí wa ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣáájú wa ti kọ̀wé sí wọn rí, wọ́n sì pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀gá fún wọn lówó. Lẹ́yìn ìyẹn, fún ọdún mẹ́ta, àwọn ò ṣí ìwé kankan tó ti ẹ̀ka wa wá. Owó yẹn dé ọwọ́ àwọn tó pè. Àwa la san gbèsè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Àwọn tó jáde ní ẹ̀ka wa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣòfò.

Ibì kan wà tí ètò mi yìí kò bá mu. Bí ó bá jẹ́ orí kìíní iṣẹ́ àṣekágbá rẹ lo fún olùdarí iṣẹ́ rẹ, tí ọjọ́ tí ilé ìwé dá sì ń sún mọ́, má jókòó ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀tọ́ rẹ ni kí o rí èsì gbà, kì í ṣe ojúrere. Tẹ ẹ̀dà kan, mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn ní wákàtí tí wọ́n máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́, kí o sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọjọ́ náà: “Sà, ọjọ́ 30 ni wọ́n fẹ́ gbà á.” Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ látòkè wá jẹ́ ti ẹni tí kò jẹ wá ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí ìwé Obadiah Johnson ti bọ́ lọ́wọ́ ogun, tí wọ́n sì dá a padà fún un, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kó má bàa tún sọnù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà ìtẹ̀wé ṣòro rí nígbà náà. Àwa náà ti ní ẹ̀dà mẹ́ta báyìí, ọ̀kan nínú fóònù mi, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka, ọ̀kan ní bébà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tí kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ojú ewé 41 la ti tẹ̀. Àgbà ahunṣọ kan ṣì jẹ wá ní orúkọ aṣọ mẹ́ta tó ní òun máa rántí tó bá yá. Ọjọ́rú ni wọ́n ní kí n pè. Òní ṣì jẹ́ Ajé, mi ò tíì fọwọ́ kan fóònù.